Àyà Ń Dùn Mí: Bí Ọ̀dọ́ Ṣe Lè Mọ̀ Bóyá Igbá Àyà Ni, Omi Ikùn Ni, Tàbí Ọkàn

Bí àyà bá ń dun ẹni tí kò tíì pé ọmọ ogójì ọdún, ọ̀kan nínú èrò méjì ló sábà máa ń kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ó lè rò pé ikú ti dé, ó sì lè sọ pé ọmọdé ni òun, kò sí ohun tó lè ṣe ọkàn òun. Kò sí èyí tó yẹ ká fi ṣèpinnu nínú méjèèjì. Òótọ́ ni pé lára ọ̀dọ́, igbá àyà, ìyẹn iṣan àti eegun ìhà, ló máa ń dùn jù, omi kíkan tó ń ru gòkè láti inú ikùn náà sì wọ́pọ̀. Àmọ́ ọkàn máa ń wà níbẹ̀ nígbà mìíràn, a ò sì lè fi bí ìrora ṣe le tó dá a mọ̀. Ìrora iṣan lè mú kí èèyàn ké, kí ti ọkàn sì jẹ́ ìnira kan ṣáá tẹ́ni tó ń ṣe ò mọ bó ṣe máa ṣàlàyé rẹ̀. Ìṣesí ìrora náà la máa ń wò: kí ló ń jí i, kí ló ń mú kó rọlẹ̀, báwo ló ṣe ń pẹ́ tó. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín nìyẹn, ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí kò gbọ́dọ̀ dúró de ìgbésẹ̀ kankan

Bí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí bá wà, ẹ má dán àyẹ̀wò kankan wò nílé. Ẹ pe nọ́ńbà pàjáwìrì, tàbí kí ẹnì kan gbé yín lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fúnra yín wa ọkọ̀.

- Nǹkan ń fún àyà yín pọ̀ tàbí ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ti lé ní ìṣẹ́jú 15, tàbí ó ń ràn dé apá, ọrùn tàbí àgbọ̀n, tàbí òógùn tútù ń bò yín, tàbí èébì ń gbé yín.
- Ẹ dákú, tàbí ó kù díẹ̀ kí ẹ dákú, àgàgà nígbà tí ẹ ń sáré tàbí tí ẹ ń ṣeré ìdárayá.
- Èémí yín ò délẹ̀ bẹ́ẹ̀ sì rèé, ńṣe lẹ jókòó jẹ́ẹ́.
- Ìrora náà dé lójijì, ó le gan-an láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé nǹkan ya nínú àyà, ó sì gba ẹ̀yìn.
- Ẹ ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀, tàbí ẹsẹ̀ kan wú, ó ń dùn, èkejì ò sì ṣe bẹ́ẹ̀.
- Ẹ ní àrùn fòníkúfòladìde, àyà wá ń dùn yín pẹ̀lú ibà tàbí ikọ́.

Bó bá jọ ti ọkàn, ẹni tó gbé fóònù pàjáwìrì lè ní kí ẹ rún asipirín kan tó jẹ́ 300 mílígíráàmù lẹ́nu. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ bó bá sọ ọ́, àyàfi bí asipirín bá lòdì sí ara yín. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìrora tó dà bí ohun tó ya tó gba ẹ̀yìn, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún un kí ẹ tó gbé oògùn kankan sẹ́nu, torí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá lè ti ya, asipirín á sì mú kí ẹ̀jẹ̀ tó ń dà burú sí i.

Bí kò bá sí ìkankan nínú wọn, ẹ lè jókòó kí ẹ tẹ̀ lé ìgbésẹ̀ tó kàn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ wákàtí sílẹ̀

Ẹ mú ìwé tàbí fóònù, kí ẹ kọ ìgbà tí ìrora náà bẹ̀rẹ̀, ohun tí ẹ ń ṣe lọ́wọ́ nígbà náà, bó ṣe pẹ́ tó, àti ohun tí ẹ ń ṣe nígbà tó rọlẹ̀. Ẹ wá fi ohun tí ara yín ṣe ní ọjọ́ méjì tó ṣáájú kún un. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé apá yìí. Iṣan tó ṣiṣẹ́ ju agbára ẹ̀ lọ kì í sábà dùn lọ́jọ́ náà gan-an. Láàárín wákàtí 24 sí 48 ló máa ń fara hàn. Ẹni tó gbé ẹrù wúwo lọ́jọ́ Sátidé tí àyà wá ń dùn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé lè sọ pé òun ò ṣe nǹkan kan, torí àná nìkan ló ń rò. Ikọ́ náà wà níbẹ̀. Ẹni tó ti ń wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan ti lo iṣan ìhà rẹ̀ ju ẹni tó lọ sí jíìmù lọ.

Bó ṣe ń pẹ́ tó ń sọ̀rọ̀. Oríṣi ìrora kan wà tó máa ń bá àwọn ọ̀dọ́ lójijì nígbà tí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́. Nǹkan á gún wọn lápá òsì, lábẹ́ ọmú, lójú kan ṣoṣo tí wọ́n lè fi ìka tọ́ka sí. Wọn ò ní lè mí kanlẹ̀, torí bí wọ́n bá mí sínú, á tún gún sí i. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan sí ìṣẹ́jú 3, á pòórá bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀ rí. Kì í ṣe ọkàn, kò sì nílò oògùn. Ó ń dẹ́rù bani gan-an, mo mọ̀, àmọ́ bó bá ti jẹ́ bí mo ṣe ṣàpèjúwe ẹ̀ yìí ló ń ṣe nígbà gbogbo, tí kì í sì í wá nígbà tí ẹ bá ń sáré, ẹ lè fọkàn balẹ̀.

Ìnira tí ọkàn máa ń fà nígbà tí ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò tó kì í ṣe ti ìṣẹ́jú àáyá méjì, kì í sì í wà láti àárọ̀ ọjọ́ Ajé di alẹ́ Ọjọ́bọ̀ láìyí padà. Ìṣẹ́jú 2 sí 10 ló sábà máa ń jẹ́, á dé nígbà tí ara ń ṣiṣẹ́, á lọ nígbà tí èèyàn bá sinmi. Bó bá wá kọjá ìṣẹ́jú 15 tí kò lọ bí ẹ tiẹ̀ jókòó, ẹ ti wà nínú àwọn ohun tí mo kọ sókè.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ fi ìka kan tẹ̀ ẹ́

Ẹ jókòó tààrà, kí ẹ ṣí àyà sílẹ̀. Ẹ gbé orí ìka ìtọ́ka yín sí ibi tí eegun èjìká pàdé eegun àárín àyà lókè, kí ẹ wá máa sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun àárín náà. Ẹ óò rí i pé ibì kan yọ, ibì kan sì wọnú. Ibi tó yọ ni ibi tí eegun ìhà kọ̀ọ̀kan ti fi eegun rírọ̀ so mọ́ àárín àyà, ibẹ̀ gan-an ló sì sábà máa ń wú inú, láti eegun ìhà kejì sí ìkarùn-ún. Ẹ tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan débi pé èékánná yín á funfun, kí ẹ ṣe apá òsì, kí ẹ tún ṣe apá ọ̀tún ní ibi kan náà.

Ìbéèrè tí ẹ ó bi ara yín kì í ṣe “ṣé ó dùn?” Kò sí ẹni tí wọ́n tẹ eegun ìhà ẹ̀ gírígírí tí kò ní dùn. Ohun tí ẹ ó béèrè ni: “ṣé ìrora tó ń yọ mí lẹ́nu láti àná gan-an nìyí?” Bí ẹ bá tẹ ojú kan tí ẹ sì mọ̀ láìsí iyèméjì pé òun ni, tí èkejì ẹ̀ lápá kejì ò sì rí bẹ́ẹ̀, igbá àyà ti di ẹni tá a fura sí jù.

Ẹ wá ṣe nǹkan mẹ́ta sí i. Ẹ yí àyà sápá ọ̀tún àti òsì láìyí ìdí. Ẹ na apá tó wà níhà ibi tó ń dùn kọjá iwájú àyà, kí ẹ fi ọwọ́ kejì fà á díẹ̀. Ẹ mí sínú títí tí kò fi ní gbà mọ́. Ìrora igbá àyà sábà máa ń dáhùn sí irú nǹkan wọ̀nyí. Bó bá jẹ́ mímí sínú nìkan ló ń jí i, tí títẹ̀ àti yíyí ò ṣe nǹkan kan, ẹ má pè é ní iṣan. Awọ tó bo ẹ̀dọ̀fóró àti awọ tó yí ọkàn ká náà máa ń dùn bí èèyàn bá mí sínú. Ọ̀dọ́ tó ga, tó sì tẹ́ẹ́rẹ́, pàápàá tó bá ń mu sìgá, tí ìhà kan ṣàdédé gún un tí èémí ẹ̀ sì di kúkúrú, lè jẹ́ pé atẹ́gùn ti jò jáde lára ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ilé ìwòsàn ló yẹ kó lọ lójú ẹsẹ̀.

Títẹ̀ yìí ní ààlà. Bí ìka bá jí ìrora náà, ó dín iyèméjì nípa ọkàn kù gan-an, kò pa á rẹ́. Èèyàn lè ní iṣan tó ń dùn kí ọkàn ẹ̀ náà sì ní àrùn tiẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìgbésẹ̀ kẹrin fi kan gbogbo èèyàn, ì báà jẹ́ pé ẹ ti rí ojú tó ń dùn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wo oúnjẹ àti bí ẹ ṣe ń dùbúlẹ̀

Omi inú ikùn kan gan-an, ó sì yẹ kó dúró síbi tó wà. Bí ẹnu ọ̀nà tó wà láàárín ọ̀nà oúnjẹ àti ikùn bá ṣí nígbà tí kò yẹ, omi náà á ru gòkè, á máa jó ara ọ̀nà oúnjẹ. Ohun tí ẹ óò rí lára ni àyà títa: iná tó bẹ̀rẹ̀ láti òkè ikùn, tó ń gun ẹ̀yìn eegun àárín àyà bọ̀ sí ọ̀fun, tí omi kíkan tàbí kíkorò sì ń wá sẹ́nu nígbà mìíràn. Ó máa ń wá láàárín wákàtí kan sí méjì lẹ́yìn oúnjẹ tó pọ̀, tàbí bí ẹ bá dùbúlẹ̀ lórí oúnjẹ, tàbí bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ kí ẹ so okùn bàtà. Ó lè jí yín lóru. Ikọ́ gbígbẹ tàbí ohùn tó há láàárọ̀ lè bá a rìn.

Èyí tó kàn yìí ni mo fẹ́ kí ẹ rántí. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń mu oògùn tó ń pa omi kíkan, tí àyà bá sì rọlẹ̀, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ti parí. Kò tíì parí. Ìrora ọkàn máa ń lọ fúnra ẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan ìsinmi, ẹni tó sì jókòó mu oògùn ti sinmi ná. Oògùn lè gba ọpẹ́ tí kì í ṣe tiẹ̀. Ohun tó ní ìtumọ̀ ni kí ìṣesí náà máa tún ara ẹ̀ ṣe: oúnjẹ ńlá, ìdùbúlẹ̀, àyà títa, oògùn, ìtura, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, láìsí ìgbà kankan tí àtẹ̀gùn tàbí eré sísá fà á.

Ẹ tún ronú nípa oògùn tí ẹ gbé mì láìpẹ́. Dọ́sísáíkílìn, tí wọ́n ń fún ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ fún rorẹ́ tàbí àrùn mìíràn, lè lẹ̀ mọ́ ọ̀nà oúnjẹ bí èèyàn bá fi omi díẹ̀ gbé e mì tó sì dùbúlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Á jó ibẹ̀ débi tí yóò fi di egbò. Ẹni náà á jí lóru pẹ̀lú ìrora líle láàárín àyà, gbogbo ohun tó bá gbé mì, títí kan omi, á máa dùn ún. Ìrora tó jẹ́ gbígbé nǹkan mì ló ń jí i sábà máa ń jẹ́ ti ọ̀nà oúnjẹ, kì í sábà jẹ́ ti ọkàn. Ìdáàbòbò rẹ̀ ni ife omi kan tó kún, kí ẹ sì wà ní ìjókòó tàbí ìdúró fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 30.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ rántí àtẹ̀gùn

Ẹ má sáré kí ẹ lè dán ọkàn yín wò. Ẹ rántí ni. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, kí ló ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ gun àtẹ̀gùn, tí ẹ sáré lé ọkọ̀, tàbí tí inú bí yín gidigidi? Ṣé nǹkan fún àyà yín pọ̀, tó wá rọlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ nígbà tí ẹ dúró? Ṣé ìwọ̀n iṣẹ́ kan náà ló ń fà á nígbà gbogbo?

Iṣan máa ń bínú sí iṣẹ́ kan pàtó. Bí ó bá jẹ́ iṣan àyà ló fà, gbígbé irin tàbí títi ilẹ̀kùn wúwo á dùn, gígun àtẹ̀gùn ò sì ní dùn. Ọkàn kì í bìkítà nípa ẹ̀yà ara tí ẹ ń lò, bí iṣẹ́ náà ṣe pọ̀ tó ni tiẹ̀. Bí àtẹ̀gùn, eré sísá àti gígun kẹ̀kẹ́ lọ sókè bá ń fa ìnira kan náà, tí ọwọ́ jíjù ò sì fà á, ọ̀dọ̀ dókítà ló kàn, ì báà jẹ́ pé ọmọ ọdún 20 ni yín. Omi ikùn náà lè ru bí èèyàn bá sáré lórí oúnjẹ. Nítorí náà ẹ bi ara yín bóyá ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ikùn ṣófo pẹ̀lú. Bó bá ń ṣẹlẹ̀, ẹ má fi ikùn ṣe àwáwí.

Lára ọ̀dọ́, iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ọ̀rá dí kọ́ ni ohun tí à ń bẹ̀rù jù. Àwọn kan wà tí ara ọkàn wọn nípọn jù láti inú ìdílé, àwọn mìíràn sì wà tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn wọn gba ibi tí kò yẹ láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn. Méjèèjì lè wà láìsí àmì títí di ọjọ́ tí èèyàn fi gbogbo agbára sáré. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ẹ béèrè nínú ẹbí yín: ta ló kú lójijì kó tó pé ọmọ 50 ọdún? Ta ló dákú lórí pápá? Ta ló rì sínú omi, bẹ́ẹ̀ sì rèé ó mọ̀ ọ́n wẹ̀? Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wà, ẹ sọ ọ́ fún dókítà kí ẹ tó sọ ohun mìíràn. Ẹ tún sọ òótọ́ nípa kokéènì tàbí oògùn amúnisáré èyíkéyìí. Kokéènì máa ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn pọ̀, ó sì lè fa ìkọlù ọkàn lára ẹni tí kò ní àrùn kankan tẹ́lẹ̀. Torí kí wọ́n lè yan oògùn tí kò ní pa yín lára ni wọ́n ṣe ń béèrè.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ tẹ̀ síwájú

Àìsàn ọkàn kan wà tó máa ń tan àwọn ọ̀dọ́ jẹ ju àwọn tó kù lọ, torí pé ó fi apá kan jọ iṣan, ó sì fi apá kan jọ omi ikùn. Awọ tó yí ọkàn ká ló máa ń wú, lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́yìn ọ̀fìnkìn tàbí ibà. Ó ń gúnni bí èèyàn bá mí sínú, bí iṣan. Ó ń burú sí i bí èèyàn bá dùbúlẹ̀, bí omi ikùn. Ohun tó ń tú u fó ni pé bí èèyàn bá jókòó tó sì tẹ̀ síwájú, tó fi ìgúnpá lé orúnkún, ó máa ń rọlẹ̀ gan-an. Omi ikùn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí omi ikùn ń ru nínú ẹ̀ tó bá tẹ̀ síwájú, ńṣe ni iná náà á tún gòkè.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀dọ́kùnrin ọmọ ọdún 26 kan. Ọ̀fìnkìn àti ibà ṣe é ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ó sì lọ. Lọ́jọ́ Sátidé ó gbé irin ní jíìmù. Lóru ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bó ṣe dùbúlẹ̀, nǹkan gún un láàárín àyà díẹ̀ sápá òsì, ó sì ràn dé òkè èjìká òsì, lórí iṣan tó so ọrùn mọ́ èjìká. Bó bá mí sínú, á gún sí i. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé irin Sátidé ni. Ó fi ìka tẹ àyà: ọ̀tún dùn díẹ̀, òsì dùn díẹ̀, torí ó gbé irin lóòótọ́, àmọ́ kò sí ojú kan tó jẹ́ ìrora òru yẹn gan-an. Ó yí àyà, kò sí ohun tó yí padà. Ó wá mu oògùn tó ń pa omi kíkan. Kò ṣiṣẹ́. Ó to ìrọ̀rí mẹ́ta lé ara wọn, ara tù ú díẹ̀, ló bá gbà pé omi ikùn ni. Ibi tó ti ṣìnà nìyẹn, torí gbígbé orí sókè ń ran méjèèjì lọ́wọ́. Láàárọ̀, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó bẹ̀rẹ̀ láti so okùn bàtà, ìrora náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Omi ikùn ìbá burú sí i ní ìdúró yẹn. Ó lọ sílé ìwòsàn.

Dókítà ní kó tẹ̀ síwájú, ó gbé ẹ̀rọ ìgbọ́ran sí etí òsì eegun àárín àyà, ó sì gbọ́ ìró tó dà bí awọ bàtà tuntun tó ń ha ara wọn. Àyẹ̀wò ii-síì-jíì, níbi tí wọ́n ti ń lẹ wáyà mọ́ àyà láti ya bí iná ọkàn ṣe ń rìn, fi hàn pé ìlà náà gbéra sókè káàkiri gbogbo apá, kì í ṣe ní apá kan bíi ti ìkọlù ọkàn. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wo trópónìn, ìyẹn èròjà tó máa ń jò sínú ẹ̀jẹ̀ bí ara ọkàn bá farapa, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá wíwú náà ti wọ inú ọkàn fúnra ẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀rọ ìró wo bóyá omi ti kó jọ yí ọkàn ká. Wọ́n wá kọ aibuprófìn 600 mílígíráàmù fún un lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ pẹ̀lú oògùn tó ń dáàbò bo ikùn, oògùn kọ́líṣísìn fún oṣù mẹ́ta kí wíwú náà má bàa padà, wọ́n sì ní kò gbọ́dọ̀ sáré tàbí gbé irin títí dókítà yóò fi ní ó ti tó.

Ẹ kíyè sí oògùn yẹn. Aibuprófìn náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò fún iṣan tó ń dùn. Ká ní ó ti ń lò ó nílé láti Ìṣẹ́gun, ara ìbá tù ú, á gbà pé iṣan ni lóòótọ́, á sì padà sí jíìmù pẹ̀lú ọkàn tó wú. Ìtura tí oògùn fúnni kì í ṣe ẹ̀rí ohun tó ń ṣeni.

Bí gbogbo ìgbésẹ̀ bá tọ́ka sí ibì kan

Bó bá jẹ́ igbá àyà: ẹ sinmi lẹ́nu iṣẹ́ tó ń jí i, ẹ fi ohun tó lọ́wọ́ọ́wọ́ sí i fún ìṣẹ́jú 15 sí 20 ní ìgbà mélòó kan lójúmọ́. Àgbàlagbà lè lo parasitamọ́ọ̀lù oníhóró 500 mílígíráàmù, méjì lẹ́ẹ̀kan, kó fi wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà sáàárín wọn, kó má sì lé ní mẹ́jọ láàárín wákàtí 24. Bí ara yín bá fúyẹ́ gan-an tàbí tí ẹ̀dọ̀ yín ní àrùn, ẹ bi apòògùn kí ẹ tó lo ìwọ̀n yẹn. Mi ò fẹ́ kí ẹ fi aibuprófìn bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ ò tíì mọ̀ bóyá omi ikùn ni, torí ó máa ń ha ikùn. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, àrùn kíndìnrín, ikọ́ fée tí irú oògùn bẹ́ẹ̀ ń jí, tàbí aláboyún gbọ́dọ̀ yẹra fún un. Iṣan máa ń sàn láàárín ọjọ́ mélòó kan, àmọ́ eegun rírọ̀ tó wú lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, kó máa lọ kó máa bọ̀. Ìyẹn ò túmọ̀ sí pé ó ti di nǹkan mìíràn, bí ìṣesí rẹ̀ ò bá ti yí padà.

Bó bá jẹ́ omi ikùn: ẹ jẹ oúnjẹ alẹ́ ní wákàtí mẹ́ta kí ẹ tó dùbúlẹ̀, ẹ má jẹ ẹ́ yó kọjá ààlà, ẹ fi igi tàbí bíríkì gbé ẹsẹ̀ orí bẹ́ẹ̀dì sókè ní sẹ̀ntímítà 15 sí 20. Ìrọ̀rí tó pọ̀ lórí ara wọn máa ń ká ikùn pọ̀ ni, kì í sì í ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Fífi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn náà máa ń ranni lọ́wọ́. Bí apòògùn tàbí dókítà bá fún yín ní omẹpirasọ́ọ̀lù 20 mílígíráàmù, nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 sí 60 kí ẹ tó jẹ oúnjẹ àárọ̀ ni kí ẹ lò ó. Ẹni tó lò ó lẹ́yìn oúnjẹ tàbí ìgbà tí àyà bá ń ta nìkan máa ń sọ pé kò ṣiṣẹ́. Ẹ lọ rí dókítà bí oúnjẹ bá ń há lọ́fun, bí ẹ bá ń rù láìmọ ìdí, bí kò bá dín kù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Bí ẹ bá bì ẹ̀jẹ̀ tàbí tí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, ojú ẹsẹ̀ ni kí ẹ lọ sílé ìwòsàn.

Bó bá sì jẹ́ ọkàn lẹ ń fura sí, tàbí tí ìgbésẹ̀ kan ń tako èkejì, ẹ lọ ṣe ii-síì-jíì lọ́jọ́ náà. Ẹ mú ìwé tí ẹ kọ wákàtí sí dání, kí ẹ kà á fún nọ́ọ̀sì bó ṣe wà: ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ohun tó ń jí i, ohun tó ń mú kó rọlẹ̀, bó ṣe rí nígbà tí ẹ tẹ̀ síwájú, ẹni tó kú lójijì nínú ẹbí. Ẹ má sọ pé “ó dà bíi pé iṣan ni” kí wọ́n tó yẹ̀ yín wò. Ii-síì-jíì kan tó dára kò parí ọ̀rọ̀, torí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré ló sábà ń yà nínú ọjọ́ yín. Trópónìn náà máa ń gba wákàtí mélòó kan kó tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Bí wọ́n bá gba ti àkọ́kọ́ láàárín wákàtí kan tí ìrora bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n sì ní kí ẹ máa lọ, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè bóyá wọ́n máa gba èkejì kí ẹ tó dìde.